Fáíbírọ́ìdì tí skáànù rí lè má mọ̀ nípa gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 42 ni mí, mo bí ọmọ mẹ́ta, aṣọ ni mò ń tà. Ó ti lé lọ́dún kan tí nǹkan oṣù mi ti ń pọ̀ jù, ọjọ́ 9 ló máa ń gbà, pẹ́ẹ̀dì méjì ni mò ń tò léra, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì bọ́ bí ẹ̀dọ̀. Láti bí oṣù mẹ́rin, ó tún ń kán láàárín oṣù, àgàgà tí èmi àti ọkọ mi bá sùn pọ̀. Mo ṣe skáànù, wọ́n ní fáíbírọ́ìdì méjì ni, èyí tó tóbi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹnì kan ní àgbo ni, ẹnì kan ní iṣẹ́ abẹ ni, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, kí n jẹ́ kó jáde. Ta ni kí n gbọ́?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ọdún 23 ni mo fi ṣe é, ọdún 11 nínú ẹ̀ jẹ́ kíníìkì àwọn obìnrin, torí náà irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi rárá. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ibi tẹ́ ẹ kàn fẹnu bà tẹ́ ẹ sì kọjá lọ lèmi fẹ́ dúró sí, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bá ọkọ yín sùn. Àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn, orí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ni gbogbo wọn wà, kò sẹ́ni tó bi yín léèrè èyí tó ń kán. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wá lásìkò ẹ̀ àmọ́ tó pọ̀ jù, ọ̀tọ̀ lóhun tó sábà máa ń fà á, ẹ̀jẹ̀ tó wá lọ́jọ́ tí kò yẹ kó wá náà, ọ̀tọ̀ lóhun tó ń fa tiẹ̀. Ara kan ṣoṣo lè ní méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn ò sì mọ ara wọn rí. Mo fura pé bọ́rọ̀ yín ṣe rí nìyẹn, ìfura ni o, mi ò tíì fojú rí yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí kúrò ńlẹ̀ kíá, torí mo mọ̀ pé kì í rọrùn láti jiyàn pẹ̀lú ìyá ọkọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí nínú ilé ọmọ. Lóṣooṣù, ara máa ń tẹ́ nǹkan kan tó rọ̀ sínú ilé ọmọ bí ìgbà téèyàn tẹ́ ẹní de àlejò, tí oyún ò bá dúró, ẹní yẹn á ká kúrò, òun àti ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ la ń rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde yẹn, èyí tó ń yí ká ara yín náà ni, èyí tó ń gbé atẹ́gùn lọ sọ́pọlọ àti sọ́kàn. Tó bá jáde jù, ara ló ń jẹ gbèsè ẹ̀. Dídì tó ń dì bí ẹ̀dọ̀ yẹn náà, kì í ṣe àìsàn ló ń jáde, ara ní nǹkan kan tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ oṣù máa ṣàn láì dì, àmọ́ tó bá ti ń ya ju bí nǹkan yẹn ṣe lè ṣiṣẹ́ lọ, á dì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i tó dì tóbi, ẹ kàn mọ̀ pé ó ń yára jáde jù ni.

Èwo wá ni ká pè ní pọ̀ jù? Ìwé máa ń sọ pé tó bá ti kọjá mílílítà 80 lóṣù kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́fà omi inú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, ó ti pọ̀ jù, àmọ́ ta ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀. Ohun tá a máa ń bèèrè ní kíníìkì ni pé, ṣé pẹ́ẹ̀dì ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, ṣé ẹ ń dìde lóru láti pààrọ̀, ṣé ó ń yí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ẹ ń wọ aṣọ dúdú nítorí ẹ̀, ṣé ó ń dí yín lọ́wọ́ àtilọ sọ́jà. Tí nǹkan oṣù bá ti ń kọjá ọjọ́ 8, ó ti gùn jù nìyẹn. Tiyín ọjọ́ 9, pẹ́ẹ̀dì méjì lórí ara wọn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Obìnrin kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa, ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà ẹ̀ ló mú wá lọ́jọ́ kan, ó fi báírò fa ìlà kan fún pẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó wá fi òdo yí èyí tó kún dẹ́nu ká. Lọ́jọ́ kejì oṣù yẹn ìlà 14 ló wà ńbẹ̀, 9 nínú ẹ̀ ló yí ká. Dókítà ò bi í ní nǹkan púpọ̀ mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo báírò pupa fún àwọn ọjọ́ tó kàn ń kán, pàápàá èyí tó tẹ̀ lé ìbálòpọ̀.

Ó wá kan fáíbírọ́ìdì. Nǹkan tó wọ́pọ̀ gan-an ni láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ẹ mú àwọn obìnrin tó ti lé lógójì ọdún kẹ́ ẹ ṣe skáànù fún gbogbo wọn, ẹ máa bá a lára ọ̀pọ̀ wọn tí wọn ò sì mọ̀, tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rírí i lórí skáànù kò tíì sọ pé òun ló jẹ̀bi. Ohun tó ń pinnu bóyá á jẹ́ kẹ́jẹ̀ pọ̀ kì í ṣe bó ṣe tóbi tó, ibi tó jókòó sí ni. Ẹ wo ilé ọmọ bí yàrá tí ògiri ẹ̀ nípọn. Tí kókó yẹn bá yọrí sínú yàrá, kódà kó má tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ó lè da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gidi, ó sì lè jẹ́ kó máa kán láàárín oṣù pẹ̀lú. Tó bá wà nínú ògiri, ó sinmi lórí bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe ti inú yàrá tó. Tó bá wà lẹ́yìn ògiri, níta, kó tó ọsàn gan-an, kò sábà kan ẹ̀jẹ̀ oṣù, á kàn máa tẹ àpò ìtọ̀ tàbí kó wú ikùn ni. Torí náà ẹ gbé ìwé skáànù yín kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ kan lára mẹ́ta yìí: sọ́búmúkọ́ọ̀sì ni tinú yàrá, íńtíramúrà ni tinú ògiri, sọ́búsírọ́ọ̀sì ni tẹ̀yìn ògiri. Tí ìkankan nínú wọn ò bá sí ńbẹ̀, àfi "fáíbírọ́ìdì méjì" ṣáá, skáànù yẹn ò parí iṣẹ́ nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì ṣe èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe, òun ló máa ń rí inú yàrá dáadáa ju èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ikùn lọ. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ abẹ torí sẹ̀ǹtímítà 3 láì sọ ibi tó wà, mi ò ní sọ pé ó purọ́, àmọ́ ó yára.

Nǹkan míì tún wà tó ń ṣe bíi fáíbírọ́ìdì tí àwọn èèyàn ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹní tí mo ní wọ́n ń tẹ́ sínú yàrá yẹn á wọnú ògiri fúnra ẹ̀, ilé ọmọ á wú, á rọ̀, nǹkan oṣù á pọ̀ á sì máa dunni wọra. Àwọn tó ti bímọ tí wọ́n sì lé ní ọdún 40 ló máa ń ṣe jù. Skáànù tí wọn ò fara balẹ̀ ṣe lè pe òun náà ní fáíbírọ́ìdì. Ẹ ò sọ bóyá ó ń dùn yín tó bá wá, tó bá ń dùn yín ju tàtẹ̀yìnwá lọ ẹ sọ fún ẹni tó máa yẹ̀ yín wò.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń kán lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ńkọ́? Ọrùn ilé ọmọ la kọ́kọ́ máa ń wò, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jáde, tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí òpin ojú ara. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń kàn án nígbà ìbálòpọ̀, tí ara ibẹ̀ bá sì ti gbọgbẹ́ tàbí tí nǹkan hù síbẹ̀, á ṣẹ̀jẹ̀. Skáànù kì í sì í sábà rí ibẹ̀ dáadáa, ojú lásán ló ń rí i. Irin kan wà tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, a ó gbé e wọlé jẹ́jẹ́, a ó là á, a ó tan iná sí i, ọrùn ilé ọmọ á yọ síwájú wa pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìdí ìgò kékeré. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í sábà dùn téèyàn bá mí kanlẹ̀, ó kàn ń ti èèyàn lójú ni, tó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ kó ṣe é fún yín ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí obìnrin ṣe lè ṣe skáànù mẹ́rin láàárín ọdún kan tẹ́nì kan ò sì fi irin yìí wò ó rí.

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́, ọmọ ọdún 44, ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ tiyín bí ìgbà tí wọ́n da á kọ. Ó ti lo oògùn fáíbírọ́ìdì oríṣiríṣi bí ọdún kan àtààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, pí-sí-fí ẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 22, èékánná ẹ̀ funfun, ó ní òun kì í lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láì dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń rún yìnyín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Skáànù ẹ̀ sọ pé fáíbírọ́ìdì sẹ̀ǹtímítà 4 wà níbẹ̀, níta ògiri. A kọ́kọ́ fi ìtọ̀ ẹ̀ ṣàyẹ̀wò oyún, kò sí oyún. La bá gbé irin yẹn wọlé, bá a ṣe tan iná báyìí a rí i, ẹran pupa kékeré kan ló rọ̀ jáde lẹ́nu ilé ọmọ, kò ju orí ìka kékeré lọ, ó ń dán, bá a ṣe fi òwú kàn án báyìí ló ṣẹ̀jẹ̀. Pọ́lípù ni wọ́n ń pè é. Dókítà fi irin mú un nídìí, ó yí i po bí ẹni ń já èso, ó bọ́, wọ́n fi í sínú ìgò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù, obìnrin náà ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é tán. Láàbù ní kò sí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láàárín oṣù dá pátápátá. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù ẹ̀ dé? Ó tún ya bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ. Pọ́lípù ò mọ̀ nípa ìyẹn, fáíbírọ́ìdì tó wà níta náà ò mọ̀ nípa ẹ̀, nígbà tí wọ́n tún skáànù ṣe láti ojú ara ni wọ́n rí i pé ògiri ilé ọmọ ẹ̀ ti nípọn, àìsàn ẹní tó wọnú ògiri yẹn ni. Wọ́n wá tọ́jú ìyẹn lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó kan fáíbírọ́ìdì yẹn, ó ṣì wà níkùn ẹ̀ dòní olónìí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń jẹ́ pọ́lípù. Ó lè jẹ́ àrùn tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀ ló jẹ́ kí ọrùn ilé ọmọ wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá kàn án, omi tó ní àwọ̀ sì lè máa bá a jáde, ọ̀pọ̀ obìnrin ò sì ní mọ nǹkan kan lára, ọkọ náà lè máà mọ̀. Oògùn á wò ó, àmọ́ ọkọ gbọ́dọ̀ lo tiẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ ń fi agbọ̀n pọnmi ni. Ó tún lè jẹ́ pé awọ inú ọrùn ilé ọmọ ló yí síta díẹ̀, ìyẹn ò léwu. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín, nínú àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ àwọn tó jẹ́ jẹjẹrẹ kéré, àmọ́ òun ni kò yẹ ká pàdánù. Kòkòrò éṣì-pí-fí ló sábà máa ń fà á, ó máa ń gbé lára lọ́pọ̀ ọdún kó tó di nǹkan kan, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ta ló ṣe ìṣekúṣe. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lóṣù kẹwàá ọdún 2023, tẹ́ ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọjọ́ orí yẹn ẹ mú un lọ. Mo ti rí obìnrin kan rí tí wọ́n fi orúkọ fáíbírọ́ìdì tọ́jú fún oṣù mẹ́rìnlá níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, nígbà tó fi dé iwájú wa ọrùn ilé ọmọ ti jẹ, ọwọ́ lásán ti tó láti mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún irin yẹn ni wọn ò ṣe. Ó ń dùn mí títí di báyìí.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì, kódà àwọn nọ́ọ̀sì míì. Àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo obìnrin, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan bíi fínígà kùn ún bóyá á funfun, tàbí tí wọ́n ń ha á lọ sí láàbù, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹni tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ bíi tiyín, tí àyẹ̀wò yẹn bá ní kò sí nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, kí dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin fi ojú ẹ̀ wò ó, tí ibì kan ò bá sì dá a lójú kó gé bíńtín níbẹ̀ lọ sí láàbù.

Ẹ ò sọ fún mi bóyá ẹ ń lo nǹkan ìfètòsọ́mọbíbí. Ó ṣe pàtàkì gan-an. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń fi sápá máa ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ máa kán ṣáá, pàápàá lóṣù àkọ́kọ́ sí ìkẹfà. Kọ́pà-tíì tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ máa ń jẹ́ kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i. Póstínọ̀ náà, àwọn tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, gbogbo àsìkò wọn á dàrú, ẹ̀jẹ̀ á máa wá bó ṣe wù ú, wọ́n á sì máa wá àìsàn kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọ̀ nítorí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bèèrè. Ká tó ṣe ohunkóhun sì rèé, ẹ ṣàyẹ̀wò oyún, kódà tó bá dá yín lójú pé kò sí, torí oyún tó ń bàjẹ́ àti èyí tó dúró síbi tí kò yẹ máa ń fara hàn bí ẹ̀jẹ̀ tó kàn ń kán, èyí tó kẹ́yìn yẹn sì lè pani.

Ọjọ́ orí yín náà ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Látọdún 40 lọ, ilé ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìgbà, oṣù kan á yọ ẹyin, oṣù kejì kò ní yọ ọ́, oṣù tí kò bá yọ ọ́ ẹní inú ilé ọmọ á máa nípọn lọ láìsí ẹni tó máa ní kó dúró, tó bá wá dà wálẹ̀ á ya. Wàhálà ọ̀fun gògóńgò, ìyẹn táírọ́ọ̀dì, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹní yẹn bá ń nípọn bẹ́ẹ̀ fọ́dún púpọ̀, pàápàá lára ẹni tó sanra gan-an, ó lè yí padà di jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Fún ẹni tó ti pé 45 tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ nínú ẹní yẹn lọ sí láàbù, ọ̀pá tín-ín-rín kan ni wọ́n ń fi fà á, ó máa ń dun inú bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá ń dunni, ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tiyín 42 ni, ẹ ò tíì pé 45, àmọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń kán láàárín oṣù fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n bá wo ọrùn ilé ọmọ tí wọn ò rí nǹkan kan ńbẹ̀, èmi á fẹ́ kí wọ́n mú nínú ẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá fún ọdún kan gbáko tó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, ó kéré ni ó pọ̀ ni, kó lọ kíá, kó má ní ara òun ń padà di ọmọge.

Kẹ́ ẹ tó wá ìwòsàn kankan, ẹ lọ ṣe pí-sí-fí lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá wà lókè 36 ara ṣì ń fara dà á, tó bá ti wà ní 20 àti díẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì mọ́, ẹ jẹ́ n fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ fún yín pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ò kún ẹ̀jẹ̀ rí, mílíìkì gan-an máa ń dí oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kó lọ ni áyọ́ọ̀nù, fẹ́sólétì sì ni oògùn ẹ̀ tí owó ẹ̀ ò pọ̀. Hóró kan lójúmọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀, ẹ fi omi ọsàn lò ó, kẹ́ ẹ jìnnà sí tíì àti mílíìkì fún wákàtí méjì, ìgbẹ́ á dúdú, kó má já yín láyà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, pí-sí-fí máa ń gòkè bí 6 láàárín oṣù kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó lọ fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti pé, kí àpótí ìpamọ́ ara náà lè kún. Rírún yìnyín tàbí jíjẹ amọ̀ tó bá ń ṣe yín, ara ló ń béèrè áyọ́ọ̀nù, kì í ṣe ẹnu dídùn.

Láti dín ẹ̀jẹ̀ kù nígbà tó bá ń ya, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tíránẹ́sámíìkì, ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gíráàmù kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má ju ọjọ́ 4 sí 5 lọ, ó lè gé ẹ̀jẹ̀ sí bí ìdajì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí lẹ́dọ̀fóró rí, tàbí tó ní wárápá, kó má fọwọ́ kàn án láì rí dókítà. Ìbùpúrófẹ́nì náà máa ń dín in kù díẹ̀, ó sì ń mú ìrora lọ, àmọ́ ẹni tó ní ọ́lísà kó yàgò fún un. Ìkankan nínú méjèèjì ò ní kí fáíbírọ́ìdì rù o, wọ́n kàn ń dí ojú omi ni. Èyí tí mo rí tó ṣe dáadáa jù fún àwọn tí ò fẹ́ bímọ mọ́ tí ilé ọmọ wọn ò sì wọ́ ni nǹkan kan bíi kọ́pà-tíì, àmọ́ tó ní họ́mọ́ọ̀nù nínú, kì í ṣe kọ́pà, ìyá elélùbọ́ yẹn òun ló fi sára, ẹ̀jẹ̀ ń kán ṣáá bí oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tó fi ní ká yọ ọ́, a bẹ̀ ẹ́, pí-sí-fí ẹ̀ dé 35 nígbà tó yá. Owó ẹ̀ ò kéré, ẹ ò sì lè rí i níbi gbogbo. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi sí i fún yín títí wọ́n fi máa mọ ìdí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán yẹn. Iṣẹ́ abẹ láti yọ fáíbírọ́ìdì nìkan máa ń wúlò tó bá yọ sínú yàrá tàbí tó tóbi gan-an, ó sì lè hù padà. Yíyọ ilé ọmọ ló máa ń parí ẹ̀, àmọ́ kò sídìí láti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ti àgbo, mo mu àgbo dàgbà, mi ò ní bú àwọn bàbá wa. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú gbogbo àwọn tó mu àgbo fáíbírọ́ìdì tí wọ́n tún wá ṣe skáànù lọ́dọ̀ wa, mi ò rí èyí tó yọ́ kúrò rí, mo sì ti rí àwọn tí kíndìnrín wọn fara gbọgbẹ́, a ò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ẹni tó bá sì ní ọkọ ọ̀run ni, kó máa gbàdúrà fún yín, ẹ sì máa lọ ṣàyẹ̀wò náà.

Tó bá jẹ́ pé kí ẹ tó rí dókítà ni pẹ́ẹ̀dì ń kún ní wákàtí wákàtí fún wákàtí méjì sí mẹ́ta láì dáwọ́ dúró, tàbí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà ń lù kìkì tẹ́ ẹ bá dìde, tàbí inú ẹ̀gbẹ́ kan ń dùn yín tẹ́ ẹ sì lè lóyún, ẹ má dúró de àpọ́ńmẹ́ǹtì kankan, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ, alẹ́ ni o, ọ̀sán ni o.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹ́ ẹ bá dé kíníìkì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáíbírọ́ìdì, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ yẹn etí wọn á ti di sí ìyókù. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde tí mo bá bá ọkọ mi sùn, ó ti tó oṣù mẹ́rin, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi irin wo ọrùn ilé ọmọ mi." Lẹ́yìn náà lẹ tó máa gbé ìwé skáànù síta. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́jọ́ yẹn, ẹ má padà sílé, wọ́n ṣì lè wò ó. Tí wọ́n bá rí i tán, ẹ kọ èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé skáànù yẹn kún un, àti bóyá póstínọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.